Kí ló dé tí góòlù kì í bímọ? Ìbéèrè lórí góòlù, kòkó àti ohun tó ń gbé owó wọn sókè

Ìyálájé Ṣàgámù

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Owó alájẹṣẹ́kù wa jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, mílíọ̀nù 2 náírà ló sì kàn mí. N kò fẹ́ kó jókòó sí báńkì kí ọ̀wọ́ngógó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹnìkan ní kí n fi ra ẹ̀gbà ọwọ́ góòlù kárátì 22, kí n gbé e pamọ́. Àwọn kan lórí Wásáàpù tún wà tí wọ́n ní kí n gbé owó náà fún àwọn, àwọn á fi ra góòlù ní orúkọ mi, wọn á sì máa san ìdá 5 nínú 100 fún mi lóṣooṣù.

Ohun tí kò yé mi nìyí. Góòlù tó wà nínú àpótí mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó kò fún mi ní kọ́bọ̀ rí. Kí ni tiwọn ń jẹ tó fi ń bímọ lóṣooṣù? Kí ló sì ń mú kí owó góòlù gòkè tàbí kó wálẹ̀?

Oníṣirò

Ìyálájé, inú ìbéèrè yín gan-an ni ìdáhùn wà. Góòlù kì í ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi ń gba owó iṣẹ́. Bí ẹ bá kọ́ ilé, ayálégbé ń gbé inú rẹ̀, ó ń san owó ilé. Bí ẹ bá ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń ta sìmẹ́ǹtì, èrè tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń pín. Bí ẹ bá ra tírẹ́ṣọ́rì bílì, ìjọba ló yá owó lọ́wọ́ yín, ó ń ná an, ó sì ń san èlé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnìkan wà níbìkan tó ń fi owó yín ṣe nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹ mú áúnsì góòlù kan, ìyẹn gíráàmù 31.1, kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Bí ẹ bá ṣí i lẹ́yìn ogún ọdún, áúnsì kan náà lẹ máa bá níbẹ̀. Kò jẹrà, kò sì bí. Èrè kan ṣoṣo tó lè tinú rẹ̀ wá ni pé kí ẹlòmíràn gbà láti san ju iye tí ẹ san lọ.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní góòlù òun ń san owó oṣooṣù, ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi í: ta ló ń san owó náà, kí ló sì ń fi góòlù náà ṣe? Wọ́n ń yá góòlù lóòótọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn báńkì ńlá máa ń yá a fún àwọn tó ń yọ́ ọ àti àwọn tó ń fi ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ kì í tó ìdá 1 nínú 100 fún odidi ọdún kan. Ìdá 5 lóṣooṣù, tí ẹ bá ń dá a padà sínú òwò náà, á sọ náírà 100,000 di nǹkan bíi 180,000 láàárín ọdún kan. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí góòlù kó sì jèrè. Owó ẹni tó bá dé lẹ́yìn ni wọ́n máa fi san tiyín, títí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní dé mọ́. Ẹ má bá wọn lọ.

Ará Peckham

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará Wásáàpù yẹn. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ fi owó oṣooṣù ṣe nígbà tí góòlù kì í wálẹ̀? Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 sí oṣù kejì ọdún 2024, owó góòlù di ìlọ́po mẹ́ta ní náírà. Tírẹ́ṣọ́rì bílì wo ló ṣe irú ìyẹn? Ìyálájé, ẹ fi gbogbo ẹ̀ ra góòlù, kí ẹ sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Oníṣirò

Ará Peckham, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, áúnsì kan wà ní nǹkan bíi dọ́là 1,950, báńkì sì ń ṣẹ́ dọ́là kan ní nǹkan bíi náírà 465. Bí a bá pín 1,950 sí 31.1, gíráàmù kan jẹ́ dọ́là 62.7, ìyẹn nǹkan bíi náírà 29,150. Ní oṣù kejì ọdún 2024, áúnsì ti wà ní nǹkan bíi dọ́là 2,030, dọ́là kan sì ti di nǹkan bíi náírà 1,500. Gíráàmù kan náà wá di nǹkan bíi náírà 97,900.

Ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá ti dọ́là: láti 1,950 sí 2,030, ìdá 4 nínú 100 péré ni. Náírà ló wó, góòlù kàn dúró síbi tó wà ni. Ẹni tó tọ́jú dọ́là sábẹ́ ibùsùn fẹ́rẹ̀ẹ́ jèrè tó ẹni tó ra góòlù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ta góòlù kì í fi iye ti báńkì ṣírò. Dọ́là ìgboro ti wà ní nǹkan bíi náírà 750 nígbà tí ti báńkì ṣì wà ní 465, torí náà ní ọjà gan-an, fífò náà kò tó mẹ́ta.

Ní Nàìjíríà, ohun méjì ló ń gbé owó góòlù: iye rẹ̀ ní dọ́là, àti iye dọ́là ní náírà. Kí ẹ tó sọ pé góòlù gòkè, ẹ kọ́kọ́ yọ ti náírà kúrò.

Ọ̀rọ̀ pé kì í wálẹ̀ ni kò tọ̀nà rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 1980, áúnsì kan dé dọ́là 850. Nígbà tó fi máa di ọdún 2001, ó ti já sí nǹkan bíi 255. Ọdún 2008 ló tó padà dé 850 yẹn. Ọdún 28 nìyẹn, láìsí kọ́bọ̀ kan tó wọlé láàárín rẹ̀, nígbà tí ẹni tó ra bọ́ǹdù ìjọba Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 ń gba èlé tó lé ní ìdá 10 lọ́dọọdún.

Ajé Wọlé

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà fẹ́ wọ òwò góòlù. Mo gbọ́ pé wọ́n ń wà á ní agbègbè Iléṣà. Báwo lèèyàn ṣe ń gba ìwé àṣẹ? Àti pé bó ṣe wà nílẹ̀ wa báyìí, kí ló dé tí owó rẹ̀ kò fi kéré sí ti òkè òkun?

Oníṣirò

Ìwakùsà yàtọ̀ sí ohun tí Ìyálájé ń béèrè, ọ̀rẹ́ mi. Ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀, Àbújá ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé mìíràn fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín kejì wúlò gan-an. Ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń yọ góòlù láti ọdún 2021, síbẹ̀ kò lè mú owó góòlù wálẹ̀ fún wa. Ẹni tó wà á lè tà á níbikíbi láyé, kò níí ta á fún yín ní owó tó kéré sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé èyí tí gbogbo ayé ń wà lọ́dún kan jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3,600, nígbà tí èyí tó ti wà lókè ilẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ju 200,000 lọ. Kò sẹ́ni tó ń jẹ góòlù. Èyí tí wọ́n wà ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ṣì wà lọ́rùn ẹnìkan, lọ́wọ́ ẹnìkan, tàbí nínú àpótí ìjọba kan. Torí náà, èyí tí wọ́n bá wà lọ́dún kan kò pé ìdá 2 lára èyí tó wà nílẹ̀. Bí ibi ìwakùsà mẹ́wàá bá ti ilẹ̀kùn, owó góòlù lè má mì. Ohun tó ń mì ín ni ọkàn àwọn tó ti ní i: ṣé wọ́n fẹ́ máa tọ́jú ẹ̀ lọ, àbí wọ́n fẹ́ tà á kí wọ́n lọ gba èlé níbòmíràn?

Ọmọ Oǹdó

Ẹ ṣeun fún gbólóhùn yẹn pé kò sẹ́ni tó ń jẹ góòlù. Ibẹ̀ gan-an ni kòkó ti yàtọ̀. Kòkó tí a kó lọ́dún yìí, wọ́n á fi ṣe ṣokoléètì tán. Bí èyí tó ń bọ̀ kò bá tó, kò sí àpótí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n lè lọ ṣí.

Kódífúà àti Gánà nìkan ń pèsè ju ìdajì kòkó ayé lọ. Nígbà tí òjò, àrùn tó ń mú ẹ̀ka igi wú, àti àrùn tó ń sọ èso di dúdú jọ kọlu oko wọn, kòkó tó ń lọ ní nǹkan bíi dọ́là 2,500 fún tọ́ọ̀nù kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 kọjá dọ́là 10,000 ní ọdún 2024, ó sì kọjá 12,000 ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ní tiwa, láti ìgbà tí ìjọba ti pa ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó rẹ́ ní ọdún 1986, kò sí ẹni tó ń bá àgbẹ̀ dé owó mọ́lẹ̀, torí náà iye ayé yẹn ń dé ọ̀dọ̀ wa kíákíá. Àwọn tí kì í ṣe oníkòkó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rà á jọ sí yàrá. Nígbà tó máa fi di òpin ọdún 2025, owó náà ti já wá sí ìsàlẹ̀ ìdajì. Owó tó wọ́n máa ń mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ dín ṣokoléètì kù, ó sì máa ń mú kí àgbẹ̀ gbin tuntun. Igi tuntun ò so láàárín ọdún kan, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló ń gbà, nítorí náà ọ̀wọ́n á pẹ́ kó tó tán, ìjábọ̀ náà á sì pẹ́.

Ìyálájé, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi owó yín ra kòkó pamọ́ dípò góòlù, ẹ ṣírò èyí. Ká ní ẹ ra tọ́ọ̀nù kan, àpò 16, tí omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 10 nínú 100. Kí ó tó lè pẹ́ nílẹ̀ láìbu, ẹ gbọ́dọ̀ sá a títí omi á fi kù sí ìdá 7. Kílò 1,000 á di kílò 968. Ó ju ìdajì àpò kan lọ tó ti lọ, kó tó kan eku, kòkòrò, owó yàrá àti owó ẹ̀ṣọ́. Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ ní ìdá tó ju 8 lọ, á bu, òórùn ẹ̀ á yí, oníbárà á sì kọ̀ ọ́. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín àpò kí ẹ mú hóró díẹ̀ jáde, kí ẹ gé e sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá ní funfun bí òwú, ó ti bu.

Góòlù kò mówó wọlé. Kòkó ń mú owó jáde lápò yín bó ṣe ń jókòó.

Ará Peckham

Mo gba ti ọdún 1980. Ṣùgbọ́n Oníṣirò, ẹ ní ọkàn àwọn tó ní i ló ń mì ín, tí wọ́n bá rí èlé níbòmíràn wọ́n á tà. Báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé láti ẹ̀bá òdo lọ sí ìdá 5.25 sí 5.50 láàárín ọdún 2022 àti oṣù keje ọdún 2023. Kí ló dé tí góòlù kò wó lulẹ̀?

Oníṣirò

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní àkọ́kọ́, ó wó. Áúnsì wà lókè dọ́là 2,000 ní oṣù kẹta ọdún 2022, ó já sí nǹkan bíi 1,630 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún kan náà.

Ẹ má wo èlé nìkan ṣá, ẹ yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò lára rẹ̀. Bí báńkì bá ń san ìdá 5 tí ọjà sì ń gbówó lórí ní ìdá 2, ẹni tó di góòlù mú ń pàdánù ìdá 3 gidi lọ́dún, torí owó ẹ̀ ìbá ti bímọ níbòmíràn. Bí báńkì bá ń san ìdá 1 tí ọjà ń fi ìdá 6 gbówó lórí, ẹni tó fi owó sí báńkì ló ń pàdánù, góòlù tí kò bímọ á wá dà bí ohun tó sàn jù. Ìdí nìyẹn tí góòlù fi máa ń gòkè nígbà tí èlé gidi bá wà nísàlẹ̀ òdo. Dọ́là náà wà níbẹ̀: iye góòlù wà ní dọ́là, bí dọ́là bá lágbára, góòlù á wọ́n lójú ará Íńdíà àti Ṣáínà tí wọ́n ń rà á jù, wọ́n á sì dín rírà kù.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti owó Rọ́ṣíà pa sí àwọn báńkì òkè òkun ní ọdún 2022, àwọn báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra góòlù tó ju tọ́ọ̀nù 1,000 lọ lọ́dọọdún, ní 2022, 2023 àti 2024. Àwọn yẹn kò bìkítà fún èlé. Ohun tí wọ́n ń wá ni owó tí ìjọba mìíràn kò lè tì pa. Góòlù kọjá dọ́là 3,000 ní oṣù kẹta ọdún 2025, ó sì kọjá 4,000 ní oṣù kẹwàá.

Ará Peckham

Ìyẹn ni pé òfin èlé yẹn ti kú nìyẹn.

Oníṣirò

N kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, olùrà tuntun kan wọ ọjà ni. Bí àwọn báńkì àpapọ̀ bá dín rírà kù, èlé á tún gba ipò ẹ̀. Bí wọn kò bá dín in kù, ẹ̀yin lẹ jàre.

Alágbẹ̀dẹ Góòlù

Ẹ ti sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà tán, ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀gbà ọwọ́ tí Ìyálájé fẹ́ rà. Ibẹ̀ ni owó ẹ̀ máa ti jò.

Ká ní áúnsì wà ní iye tó mú kí gíráàmù góòlù mímọ́ jẹ́ dọ́là 100, kí ìṣirò lè rọrùn. Ẹ̀gbà ọwọ́ gíráàmù 20, kárátì 22. Kárátì 22 túmọ̀ sí pé ìpín 22 nínú 24 ni góòlù, ìyókù jẹ́ bàbà àti fàdákà. Góòlù tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 18.33, iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 1,833. Ẹni tó ṣe é á fi owó iṣẹ́ àti èrè lé e. Ká pè é ní ìdá 20 nínú 100: ẹ san dọ́là 2,200. Bí ẹ bá gbé e padà wá tà lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń rà á kò ní san owó iṣẹ́, torí iná ló ń lọ. Bí ó bá san ìdá 92 lára iye góòlù inú ẹ̀, dọ́là 1,687 lẹ máa gbà. Owó góòlù gbọ́dọ̀ fi ìdá 30 gòkè kí owó yín tó pé padà. Bí wọ́n bá sì fi òkúta ìlẹ̀kẹ̀ sí i, òkúta wà nínú ìwọ̀n nígbà tí ẹ ń rà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nígbà tí ẹ ń tà.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ òde, ẹ rà á, ohun ẹwà ni. Bí ó bá jẹ́ fún ìpamọ́, ẹ wá ẹyọ owó góòlù tàbí búlọ́ọ̀kù kékeré tí nọ́ḿbà àti ìwọ̀n wà lára rẹ̀. Sófúrènì àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọn gíráàmù 7.98, góòlù inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 7.32. Owó iṣẹ́ orí rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ẹ̀gbà ọwọ́.

Ará Peckham

Ní ọ̀dọ̀ wa níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èrè orí sófúrènì kò tún ní owó orí, torí owó ìjọba ni òfin kà á sí. Ẹ̀gbà ọwọ́ kò ní àǹfààní yẹn.

Oníṣirò

Ẹni tí kò fẹ́ tọ́jú góòlù sílé lè ra ìpín NEWGOLD lórí pàṣípààrọ̀ ìpín ìdókòwò ní Èkó, ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2011. Góòlù gidi ló wà lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé owó àbójútó ń jáde lára góòlù yẹn lọ́dọọdún, torí náà góòlù tó wà lẹ́yìn ìpín yín ń dín díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ń rà tàbí ń tà lọ́jọ́ náà, torí ó lè pẹ́ kí ẹ tó rí olùrà.

Ìyálájé Ṣàgámù

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti jáde nínú Wásáàpù yẹn. Màá fi èyí tó pọ̀ ra tírẹ́ṣọ́rì bílì, màá wá ẹyọ owó góòlù kan fún ìyókù. Alágbẹ̀dẹ, báwo ni mo ṣe lè mọ kárátì èyí tó ti wà nílé láìfi ásíìdì bà á jẹ́?

Alágbẹ̀dẹ Góòlù

Ẹ lo omi. Ẹ wá ìwọ̀n oníná kékeré tó ń ka ìdá gíráàmù. Ẹ wọn ẹ̀gbà náà ní gbígbẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá gbé ife omi sórí ìwọ̀n náà, ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹ̀gbà náà, kí ẹ rì í sínú omi kó má kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Ẹ kọ nọ́ḿbà tó bá jáde. Ẹ pín ti àkọ́kọ́ sí ti ẹ̀ẹ̀kejì. Kárátì 22 máa ń sún mọ́ 17.8, kárátì 18 máa ń wà láàárín 15 sí 16, idẹ kì í kọjá 9.

Ẹ gbọn ẹ̀gbà náà nínú omi kí afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lè jáde. Bó bá ní òkúta, tàbí tí inú rẹ̀ bá ṣófo, ìṣirò yìí á tàn yín jẹ. Irin kan tún wà tí wọ́n ń pè ní tọ́ńgísítíìnì tí ó wúwo bíi góòlù gan-an, àwọn oníjìbìtì ń fi sínú búlọ́ọ̀kù ńlá, omi kò lè dá èyí mọ̀.

Ìyálájé Ṣàgámù

Mo ti ṣe é. Kò ní òkúta, kò sì ṣófo. Ní gbígbẹ, 18.6. Nínú omi, 1.20.

Alágbẹ̀dẹ Góòlù

15.5 nìyẹn. Kì í ṣe kárátì 22, ó jọ kárátì 18. Góòlù inú rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 13.95. Ẹ wo ẹ̀yìn ibi tó ń sé, ẹ fi gíláàsì wò ó, nọ́ḿbà kékeré kan yẹ kó wà níbẹ̀, tó ń sọ ìpín tó jẹ́ góòlù nínú 1,000. Ti kárátì 18 ni 750.

Ìyálájé Ṣàgámù

Mo rí i. 750 ni.